Sáìtì kan kò ṣí lórí rọ́tà ìsọ̀ mi, ó ń ṣí lórí fóònù: ṣé wọ́n tì í ni, àbí nǹkan ló bàjẹ́?

Oníkafé Ṣàgámù · Ọjọ́ Ajé, 9:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ṣàgámù níbí. Láti Ọjọ́bọ̀ ni sáìtì ìròyìn kan tí àwọn oníbàárà mi máa ń kà kò ti ṣí mọ́ lórí rọ́tà wa. Síìmù inú fóònù mi, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, ṣí i wàrà. Sáìtì kejì tí a ti ń ra ìwé náà kò ṣí. Fídíò tún ń falẹ̀ lálẹ́. Mo ti pa rọ́tà tàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé wọ́n tì wọ́n ni àbí nǹkan ló bàjẹ́, kí sì ni mo lè ṣe?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ · 9:41 àárọ̀

Wọ́n ti tì í nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ yí DNS kọ̀ǹpútà yín, ìyẹn ẹni tó ń bá a wá àdírẹ́sì sáìtì, sí 8.8.8.8 ti Gúgù. Bó bá ṣí, ilé-iṣẹ́ yín ló tì í. Bí kò bá ṣí, a jẹ́ pé sáìtì yẹn fúnra rẹ̀ ló kú. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn láti 2021, kì í jáni kulẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìperu · 10:05 àárọ̀

Èmi náà ń jìyà ẹ̀ o. Dátà tí mo rà lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò wo fídíò kan báyìí. Ṣé lára ohun tí wọ́n fi ń dín íńtánẹ́ẹ̀tì wa kù nìyẹn?

Bàbá Oníwáyà, Ìjẹ̀bú-Òde · 10:48 àárọ̀

Oníkafé, kí ẹ tó fọwọ́ kan DNS, ẹ kọ́kọ́ sọ nǹkan méjì fún wa nípa sáìtì kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ wo gan-an ni bráwúsà kọ sójú kọ̀ǹpútà, báwo ló sì ṣe pẹ́ tó kó tó kọ ọ́? Gbólóhùn “kò ṣí” kò tó wa. Èyí tó dúró ìṣẹ́jú kan kó tó ní àwọn kò rí i, àti èyí tó kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé nǹkan tó bàjẹ́ kì í sábà yan sáìtì kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lápá Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Lọ́jọ́ náà, báńkì, ilé-iṣẹ́ ńlá, ilé-iṣẹ́ kékeré, kò sẹ́ni tí kò fara gbá a. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn nìkan dájọ́, torí sáìtì tó bá ní ẹ̀dà ní Èkó lè máa ṣí nígbà tí èyí tí sáfà rẹ̀ wà lókè òkun kò ṣí. Ẹni tó ń wò ó lè rò pé wọ́n ń yàn wọ́n tì ni.

Ẹ ṣí Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà tó wà lórí rọ́tà náà, kí ẹ tẹ ìlà mẹ́ta yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ sáìtì ìròyìn yẹn ni kẹ́ ẹ fi sí ipò example.org. nslookup ló ń bi DNS ní àdírẹ́sì sáìtì; DNS ti Cloudflare ni 1.1.1.1 inú ìlà kejì.

```
nslookup example.org
nslookup example.org 1.1.1.1
nslookup example.org 192.0.2.1
```

Lẹ́yìn náà, ẹ so kọ̀ǹpútà kan náà mọ́ fóònù yín, kí ẹ tún tẹ ìlà kìíní. Ẹ rí i pé ẹ ṣe méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún síra wọn. Èyí tí a bá wò láàárọ̀ lórí ọ̀kan, tí a wá wò lálẹ́ lórí èkejì, kò ṣeé fi wéra.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ · 11:10 àárọ̀

Bàbá, kí ni 192.0.2.1 yẹn? N kò rí ilé-iṣẹ́ DNS tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá Oníwáyà, Ìjẹ̀bú-Òde · 11:14 àárọ̀

Kò sí níbì kankan lóòótọ́. Jẹ́ kó ṣe é ná, màá sọ ohun tó wà fún.

Oníkafé Ṣàgámù · 1:32 ọ̀sán

Ẹ ṣé, bàbá. Iná lọ díẹ̀ ló jẹ́ kó pẹ́. Sáìtì ìròyìn: `ERR_CONNECTION_REFUSED`. Kò dúró rárá, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ló kọ̀ ọ́. Sáìtì ìwé: ojú-ìwé funfun kan tó kọ `Access denied`, `Error 1020`. Ohun tí nslookup mú jáde lórí rọ́tà rèé:

```
nslookup example.org
Server:   UnKnown
Address:  192.168.1.1

Name:     example.org
Address:  127.0.0.1
```

Ìlà kejì àti ìkẹta, 127.0.0.1 kan náà ni wọ́n mú jáde. Lórí fóònù mi, àdírẹ́sì mìíràn tó gùn dáadáa ló wá, kò jọ ti ìsọ̀ yìí rárá.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ · 1:50 ọ̀sán

Ẹ ò rí i! Àdírẹ́sì méjèèjì yàtọ̀ síra. Ẹ̀rí ti délẹ̀. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Fesibúùkù lórí síìmù mi méjèèjì, àdírẹ́sì wọn kò dọ́gba, a jẹ́ pé wọ́n ń fọwọ́ kan tèmi náà nìyẹn.

Bàbá Oníwáyà, Ìjẹ̀bú-Òde · 2:37 ọ̀sán

Rárá, Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, àìdọ́gba kọ́ ni ẹ̀rí. Sáìtì ńlá ní sáfà púpọ̀ káàkiri, èyí tó sún mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ ni wọ́n máa júwe fún ọ. O lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan kí àdírẹ́sì yí padà, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ohun tó jẹ́ ẹ̀rí níbí ni 127.0.0.1 fúnra rẹ̀. Àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fi ń pe ara rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹni tó béèrè ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n ní kó padà sílé ara rẹ̀, ló rí. Kọ̀ǹpútà Oníkafé gbà wọ́n gbọ́, ó kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀, kò bá sáìtì ìròyìn kankan níbẹ̀, òun náà ló sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé kò sí. Ìdí nìyẹn tó fi kọ̀ ọ́ láìdúró. Bó ṣe DNS tó bàjẹ́ ni, nslookup ì bá dúró pẹ́ kó tó kọ `timed out`, orúkọ gbogbo ni ì bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Nǹkan tó bàjẹ́ máa ń dákẹ́ ni. Èyí sọ̀rọ̀, irọ́ ló sì pa.

Ìlà kẹta ló wá jẹ́ kí n gbé orí mi sókè. Wọ́n ya 192.0.2.1 sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ inú ìwé, kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá bi í ní ìbéèrè kò yẹ kó gbọ́ ohùn kankan. Oníkafé bi í, ìdáhùn wá. Ẹnì kan ló dúró lójú ọ̀nà nígbà náà, tó ń gba gbogbo ìbéèrè DNS tó bá gba ojú-ihò 53, ìyẹn port tí DNS sábà ń lò, kọjá, ẹnikẹ́ni tí a ìbáà fi rán an sí, tó sì ń fèsì lórúkọ ẹni náà. Ìdí nìyí tí 1.1.1.1 náà fi pa irú irọ́ kan náà. Kì í ṣe 1.1.1.1 ló dáhùn.

Nítorí náà, bí Oníkafé bá ti yí DNS sí 8.8.8.8 láàárọ̀, sáìtì yẹn kò ní ṣí, ẹ̀yin ì bá sì ti sọ pé òun ló kú. Bẹ́ẹ̀ ó wà láàyè lórí fóònù rẹ̀.

A kò tíì mọ ẹni tó ń dúró lójú ọ̀nà náà o. Rọ́tà lè ṣe irú rẹ̀, pàápàá bí ẹnì kan bá ti tan ìdènà ọmọdé lórí rẹ̀, tàbí bí àrùn bá ti wọ inú rẹ̀. Ẹ yọ síìmù inú rọ́tà, ẹ fi sínú fóònù, ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ fóònù náà, kí ẹ tún tẹ ìlà kẹta. Ẹ pa Private DNS lórí fóònù náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè · 3:20 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, mo fẹ́ mọ nǹkan kan. Nígbà tí ìjọba ti Tuítà, láti oṣù Kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022, gbogbo DNS tí mo mọ̀ ni mo fi gbìyànjú, títí kan èyí tó ní ààbò. Kò ṣí. VPN nìkan ló ṣí i fún mi. Kí wá ni ìwúlò gbogbo àlàyé yìí?

Bàbá Oníwáyà, Ìjẹ̀bú-Òde · 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè tó dára ni, ọmọ mi. Ibi tí wọ́n ti lè ti sáìtì kò jẹ́ ọ̀kan. Ti Oníkafé yìí, níbi orúkọ ni wọ́n ti tì í: wọ́n fi àdírẹ́sì òdì sí i. Ibòmíràn ni pé wọ́n á jẹ́ kó o gba àdírẹ́sì tòótọ́, kí wọ́n wá dí ọ̀nà ibẹ̀. Ìyẹn máa ń hàn bíi `ERR_CONNECTION_TIMED_OUT`. Wọ́n sì tún lè jẹ́ kó o dé ẹnu ọ̀nà pàápàá. Nígbà tí bráwúsà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ tó ní ààbò, ó máa ń kọ orúkọ sáìtì náà sí ẹ̀yìn lẹ́tà àkọ́kọ́, níta gbangba. Ẹ̀rọ kan lójú ọ̀nà á kà á, á sì já okùn náà. `ERR_CONNECTION_RESET` lo máa rí.

DNS tó ní ààbò kò lè ṣe nǹkan sí méjì ìkẹyìn yìí. Orúkọ nìkan ló ń gbé wá láìjẹ́ kí wọ́n yí i padà. Àmì tí o fi máa mọ̀ ni pé àdírẹ́sì tí DNS tó ní ààbò fún ọ jẹ́ tòótọ́, síbẹ̀ tí ìsopọ̀ kò ṣe é ṣe lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, tó sì ṣe é ṣe lórí òmíràn lákòókò kan náà. Ìwọ ti dé ìdí ọ̀nà yẹn ní 2021, ìdí nìyẹn tí VPN fi ṣiṣẹ́: gbogbo lẹ́tà ló kó sínú àpò kan, tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀yìn wọn.

Oníkafé Ṣàgámù · 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mo ti yọ síìmù. Nínú fóònù pàápàá, ìlà kẹta ṣì mú 127.0.0.1 jáde. Rọ́tà kọ́ nìyẹn. Inú ń bí mi díẹ̀, torí mo ń sanwó fún wọn lóṣooṣù.

Bàbá Oníwáyà, Ìjẹ̀bú-Òde · 5:58 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa, inú ilé-iṣẹ́ yín ló ti wá. Oògùn rẹ̀ ni kí ìbéèrè DNS yín má gba ojú-ihò 53 mọ́ ní gbangba. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, a sì ń fi àmì aṣírí di méjèèjì. Ọ̀kan ń gba 853, òun ni Private DNS orí Áńdíróìdì 9 sókè. Èkejì ń gba 443, ojú-ihò kan náà tí gbogbo sáìtì tó ní ààbò ń gbà, nítorí náà ó ṣòro fún wọn láti yà á sọ́tọ̀ kí wọ́n dí i. Fún ìsọ̀ yín, èkejì ni mo fara mọ́.

Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Ethernet, kí ẹ tẹ Edit lẹ́gbẹ̀ẹ́ DNS server assignment. Ẹ mú Manual, ẹ tan IPv4, ẹ kọ 1.1.1.1 sí Preferred DNS. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ mú On (automatic template) fún DNS over HTTPS, kí ẹ sì rí i pé Fallback to plaintext wà ní pípa. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò. Bó bá wà ní títan, tí ọ̀nà aṣírí bá kọ̀, kọ̀ǹpútà á padà sí gbangba láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ó sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ń dúró lójú ọ̀nà.

Lórí fóònù, ẹ lọ sí Private DNS, ẹ mú Private DNS provider hostname, kí ẹ kọ `one.one.one.one` tàbí `dns.google` tàbí `dns.quad9.net`. Orúkọ ni ó ń gbà. Ẹni tó bá kọ 1.1.1.1 síbẹ̀, kò ní gbà á.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe o: ẹ ti gba ìwé orúkọ gbogbo sáìtì tí ìsọ̀ yín ń wò kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín, ẹ gbé e fún Cloudflare tàbí Gúgù. Ilé-iṣẹ́ yín ṣì ń rí àdírẹ́sì tí ẹ ń lọ. Quad9 ní tirẹ̀ máa ń dí sáìtì tó bá kà sí ti oníjìbìtì, nítorí náà bí sáìtì kan bá kọ̀ lórí rẹ̀, ẹ wò ó lórí òmíràn kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni.

Oníkafé Ṣàgámù · 7:03 alẹ́

Ó ti ṣí! Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan rú mi lójú: nslookup ṣì ń mú 127.0.0.1 jáde. Báwo ló ṣe ń ṣí nígbà náà?

Bàbá Oníwáyà, Ìjẹ̀bú-Òde · 7:20 alẹ́

nslookup kì í lo ọ̀nà tí Windows là. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìbéèrè lọ, láti ojú-ihò 53 ní gbangba, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti àárọ̀. Ẹ ṣí PowerShell, kí ẹ tẹ èyí:

```
Resolve-DnsName example.org
```

Ìyẹn ń gba ọ̀nà tuntun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti tú ohun tó ti ṣiṣẹ́ ká nítorí pé nslookup sọ fún wọn pé kò ṣiṣẹ́.

Sáìtì ìwé ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ yín kò mọ̀ ọ́n rárá. `Error 1020` túmọ̀ sí pé ẹ ti dé ọ̀dọ̀ sáìtì náà, àwọn tó ni ín ló ṣe òfin tó lé yín padà. Síìmù bíi tiyín máa ń pín àdírẹ́sì kan pẹ̀lú ọ̀pọ̀ oníbàárà mìíràn. Bí ẹnì kan nínú wọn bá hu ìwàkíwà níbẹ̀, gbogbo yín ni wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́. DNS kò lè tún un ṣe. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni sáìtì náà, kí ẹ fi nọ́ńbà Ray ID tó wà lójú-ìwé yẹn ránṣẹ́.

Aṣojú-Ilé-Ìtura, Ìjẹ̀bú-Òde · 7:44 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Àwọn àlejò tó bá ti kọ orúkọ sí Private DNS sábà máa ń sọ pé íńtánẹ́ẹ̀tì wa kò ṣiṣẹ́. Ojú-ìwé tí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà yàrá kì í jáde fún wọn. Fóònù á kọ `Private DNS server cannot be accessed`. A máa ń ní kí wọ́n dá a padà sí Automatic, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n tó tún orúkọ náà kọ síbẹ̀. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ bí ẹ bá rìnrìn-àjò.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ · 8:01 alẹ́

Ẹ ṣé, bàbá, mo ti kọ́ nǹkan. Ìyá Ìbejì, kò sẹ́ni tó dá yín lóhùn. Tiyín kì í ṣe ìdènà. Ẹ wo Data usage nínú Settings, ẹ ó rí áàpù tó jẹ ẹ́. Tìyá mi, àwòrán tó ń gòkè lọ sí ibi ìpamọ́ fúnra rẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì Ìperu · 8:26 alẹ́

Áà, àwòrán ni lóòótọ́! Gbogbo fọ́tò ìsọmọlórúkọ. Mo ti pa á. Ẹ ṣé gan-an.

Oníkafé Ṣàgámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ó wá ku fídíò. Lálẹ́ àná, aago mẹ́sàn-án, speedtest ní mo ní 14 Mbps, síbẹ̀ Yútúùbù ń dúró. Mo tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí fídíò, mo wo Stats for nerds, Connection Speed wà ní nǹkan bíi 1500 Kbps. Láago márùn-ún òwúrọ̀ yìí, ó lé ní 15000. VPN náà mú un yá díẹ̀ lálẹ́. Wọ́n ń dín in kù nìyẹn, àbí?

Bàbá Oníwáyà, Ìjẹ̀bú-Òde · 8:15 àárọ̀

Ibí ni n kò ní lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí gbogbo nǹkan bá jọ falẹ̀ pọ̀, bíi ti ọjọ́ Ojúde Ọba níbí, tí fóònù gbogbo ayé so mọ́ òpó kan náà, èrò ló pọ̀ jù. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀, torí speedtest yá nígbà tí fídíò falẹ̀. Ìyẹn jọ pé wọ́n ń dín fídíò nìkan kù. Ṣùgbọ́n fídíò kì í gba ọ̀nà tí speedtest gbà. Ọ̀nà tó lọ sí sáfà fídíò lè kún ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni pinnu rẹ̀, VPN á sì gba ibòmíràn tí kò kún. Àìsàn méjèèjì ní àmì kan náà títí dé ibi tí a wò ó dé yìí.

Ẹ wò ó lálẹ́ márùn-ún, kẹ́ ẹ kọ aago àti nọ́ńbà sílẹ̀. Ọ̀nà tó kún máa ń gòkè sọ̀kalẹ̀, ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Bí ó bá dúró gbọn-in sí 1500 lójoojúmọ́, tí kò kọjá bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló fi ìwọ̀n sí i.

Ní ti sáìtì ìròyìn, ẹ gbé ẹjọ́ lọ bá ilé-iṣẹ́ yín kọ́kọ́, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ pe 622 ti NCC. Ẹ sọ ọjọ́, aago, àti ìlà 192.0.2.1 yẹn, torí òun ni wọn kò ní lè sọ pé rọ́tà yín ló fà á. Bí àṣẹ ìjọba bá wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò ní tú u, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè · 9:02 àárọ̀

Mo ti fi OONI Probe, áàpù tó ń wò bóyá wọ́n ti sáìtì, wo sáìtì ìròyìn kan náà lórí síìmù ilé-iṣẹ́ yín ní Àgọ́-Ìwòyè níbí. Òun náà ní DNS ni. Kì í ṣe Ṣàgámù nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó kó mọ̀ pé gbogbo ayé ló máa rí èsì rẹ̀, àti orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó wà lórí rẹ̀.

Oníkafé Ṣàgámù · 9:30 àárọ̀

Mo ti pè wọ́n, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹjọ́. Ọmọbìnrin tó gbé e kò tíì gbọ́ 192.0.2.1 rí, ó ní òun máa gbé e sókè. Mo ti lẹ ìwé mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà fún nọ́ńbà fídíò. Alẹ́ kejì ni tòní.